Ohun mẹ́rin tí ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ní, àti èyí tí aládùúgbò kò lè gbà: ìfiwéra láti Ìtòkú

Ẹ bi ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta pé kí ló ń mú ọjà rẹ̀ tà ju ti ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kíá ni yóò dá yín lóhùn: àyè ṣọ́ọ̀bù òun dára, ọnà òun yàtọ̀, àwọn oníbàárà òun kì í yà síbòmíì. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Ìbéèrè tó le jùyẹn lọ ni pé, tí aládùúgbò bá lówó lọ́wọ́, tó sì pinnu pé òun náà máa ní irú ohun tí ẹ ní, èwo ni yóò ní láàárín oṣù mẹ́ta, èwo ni yóò sì wá títí tí kò ní rí? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló yẹ kó sọ ibi tí owó tí ẹ bá rí tù jọ máa lọ. Ohun ìní mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra níbí fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Ìtòkú, màá sì sọ èyí tí mo rò pé ó yẹ kí owó lọ sí.

Bí òṣùwọ̀n náà ṣe rí

VRIO ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n tí a máa lò. Inú iṣẹ́ Jay Barney ló ti jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà ni, ó sì kọ ọ́ ní 1991 pé tí ilé iṣẹ́ kan bá ń borí ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ohun tó wà nínú ilé náà ló yẹ ká yẹ̀ wò. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìbéèrè kan. V ń bèèrè bóyá ohun náà ń mówó wọlé tàbí ó ń dín ìnáwó kù. R ń bèèrè bóyá ó ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ ń tajà. I ń bèèrè bóyá ẹni tí kò ní in máa náwó nára gan-an kó tó lè ní irú rẹ̀, tàbí kó tó rí nǹkan mìíràn tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà. O ń bèèrè bóyá ẹ ti ṣètò ilé yín dé ibi tí ẹ fi lè jẹ èrè ohun náà.

Wọ́n ń tò tẹ̀ léra ni, ibi tí ìdáhùn bá ti di bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ti máa mọ irú ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ohun tí kò mówó wọlé, ẹrù ni. Èyí tó ń mówó wọlé àmọ́ tí gbogbo ọjà ní in kàn ń jẹ́ kí ẹ bá ẹgbẹ́ pé ni. Èyí tó ṣọ̀wọ́n àmọ́ tí kò ṣòro láti dà kọ máa fún yín ní àǹfààní, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi lọ. Èyí tó ṣòro láti dà kọ àmọ́ tí kò sí ètò kankan lórí rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ ń jẹ èrè rẹ̀. Èyí tó bá yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan la lè pè ní àǹfààní tó máa pẹ́.

Ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn ti sábà máa ń ṣi òṣùwọ̀n yìí lò. Àwọn kan máa ń dárúkọ ohun tó gbòòrò jù, bí orúkọ rere. Orúkọ rere kò ṣeé yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n fi ń dárúkọ yín sí rere. Ṣé aṣọ yín kì í ṣí ni, àbí ẹ kì í yẹ àdéhùn ọjọ́? Ìyẹn gan-an ni ohun ìní tó yẹ kẹ́ ẹ wọ̀n. Àwọn mìíràn sì máa ń wo ṣọ́ọ̀bù tó ń jèrè, wọ́n á wá sọ pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló níye lórí. Ìdáhùn V gbọ́dọ̀ ti ara ohun náà wá: tí a bá yọ ọ́ kúrò lónìí, oníbàárà wo ni kò ní wá mọ́, tàbí ìnáwó wo ni yóò ga sí i?

Ṣọ́ọ̀bù tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká gbé ṣọ́ọ̀bù kan kalẹ̀. Ìyá kan ló ni ín, inú ọjà Ìtòkú ló wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì. Ìyá kì í rẹ aró fúnra rẹ̀. Ọwọ́ àwọn aláró méjì ló ti ń gba aṣọ, ó sì ń tà á ní yáàdì márùn-ún márùn-ún. Bí ìdajì owó tó ń wọlé ló ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra aṣọ ẹbí wá. Ó ti tọ́jú ₦400,000. Ẹnì kan ń sọ fún un pé kó kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì. Ọmọ rẹ̀ ní kó fi san owó fún ẹni tó máa ya ọnà tuntun. Ẹlòmíì ní kó fi polówó lórí fóònù. Èmi á sọ pé ohun kẹrin kan wà tí wọn kò mẹ́nu bà. Àpẹẹrẹ lásán ni gbogbo iye owó tí màá lò, ẹ fi ti yín rọ́pò rẹ̀.

Àyè tó kọjú sí títì

Èyí ni ojú kọ́kọ́ ń rí, ó sì tọ́ ká gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dáadáa. Àwọn àlejò tó bá ti Èkó àti Ìbàdàn wá, tí wọ́n bá ti Òkè Olúmọ sọ̀ kalẹ̀, kì í sábà wọ inú ọjà jìnnà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ni wọ́n ń yà sí. Ká ní àyè yẹn máa mú oníbàárà mẹ́wàá sí i wá lọ́sẹ̀, tí èrè orí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦2,000. Ìyẹn jẹ́ ₦20,000 lọ́sẹ̀, tí ọdún bá sì jẹ́ àádọ́ta ọ̀sẹ̀ ọjà, ó di ₦1,000,000. Tí owó ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ bá fi ₦400,000 ju ti ìsinsìnyí lọ, ₦600,000 ló kù fún Ìyá. Kò sí àríyànjiyàn nípa V.

R náà yege, nítorí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì kò tó nǹkan. Ẹ̀yin náà lè sọ pé I yege pẹ̀lú, níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó lè kọ́ títì mìíràn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ohun tó ṣòro láti dà kọ ni àyè náà lóòótọ́, àmọ́ ta ló ni ín? Onílé ni. Onílé náà ń rí àwọn oníbàárà tó ń wọlé tó ń jáde. Aládùúgbò tó bá fẹ́ àyè yẹn kò nílò láti dà á kọ rárá, ó kàn máa lọ bá onílé pé òun á san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọdún bá yípo, tí owó ṣọ́ọ̀bù tún fi ₦300,000 gòkè, èrè ₦600,000 ti di ₦300,000, bẹ́ẹ̀ oníbàárà kankan kò dín. Àyè náà ṣì ń mówó wọlé, àpò onílé lowó ọ̀hún ń yí lọ.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sọ pé ohun kan máa pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ wo ẹni tó lágbára láti gbé iye rẹ̀ sókè. Tí Ìyá bá lè bá onílé tọwọ́ bọ̀wé ọdún márùn-ún ní iye kan náà, ọ̀rọ̀ yí padà, ìwé àdéhùn yẹn sì ti di ohun ìní fúnra rẹ̀. Láìsí ìwé, àǹfààní ọdún kan ni. Ẹ tún rántí pé oníbàárà tó fẹ́ rà jù lè lọ sí ọjà Kàmpálà ní Aṣérò láìtilẹ̀ dé Ìtòkú. Ibi tí nǹkan mìíràn bá ti lè ṣe iṣẹ́ ohun tí ẹ ní, I kò ní lágbára.

Ọnà tuntun

Ọnà ló ń fa ojú, kò sí àní-àní. Tí ọnà kan bá jáde tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì, èrè orí rẹ̀ máa ń ju ti èyí tó ti wà nígboro lọ. V àti R yege ní ọjọ́ tó jáde. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ máa ka ọjọ́.

Púpọ̀ nínú àdìrẹ tí à ń tà báyìí, fóòmù ni wọ́n fi ń tẹ ọnà rẹ̀. Wọ́n á gé ọnà sára fóòmù, wọ́n á tì í bọ inú àbẹ́là tó ti yọ́, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun kí aṣọ náà tó wọ aró. Ẹni tó bá ra yáàdì márùn-ún lọ́wọ́ yín lè gbé e fún agéfóòmù ní ọjọ́ kan náà, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ọnà yín ti wà lórí tábìlì ẹlòmíì. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, tí wọ́n fi ọnà àdìrẹ sí lára, tí owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí tiwa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n máa yí i sí ẹ̀yìn: àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣú tó ti iwájú, ọnà rẹ̀ á máa padà ní ìwọ̀n kan náà láìyẹ̀, kò sì ní ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí àbẹ́là tó fọ́ máa ń fi sílẹ̀. Àmọ́ gbogbo oníbàárà kọ́ ló ń yí aṣọ sí ẹ̀yìn.

Kí n má ṣe dá ọnà lẹ́bi jù, ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a fi ìyẹ́ adìẹ yà lọ́wọ́ kò ṣeé dà kọ bí ti fóòmù. Ẹni tó máa fara wé e gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n yà, ọdún pípẹ́ ló sì ń gbà kí ọwọ́ tó dé bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ tún ni kí ṣọ́ọ̀bù ní ẹni tó lè mú ọnà tuntun jáde lóṣooṣù. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni ohun ìní, ọnà kọ̀ọ̀kan tó bá mú jáde kì í ṣe é. Tí ₦400,000 Ìyá bá lọ sórí ọnà fóòmù mẹ́ta mẹ́rin, àǹfààní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló rà.

Ìpolówó lórí fóònù

Èyí kò gba àlàyé gígùn. Ó ń mówó wọlé, ẹni tí kò sì ní in lóde òní ti wà lẹ́yìn. Àmọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ti wà lórí Wásáàpù, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn pàápàá ti dá ọjà àdìrẹ kan sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Ẹ máa ṣe é níwọ̀n tí ẹ kò fi ní kù sẹ́yìn, kẹ́ ẹ má sì retí pé òun ló máa yà yín sọ́tọ̀.

Àwọ̀ tó ṣeé pè padà

Èyí ni ohun kẹrin tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà fún Ìyá, òun ni mo sì fẹ́ ká pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Gbogbo ẹni tó bá ti ta aṣọ ẹbí rí ló mọ ipè yìí. Ọkọ àti ìyàwó ti yan aṣọ, ọgọ́ta èèyàn ti ra tiwọn, òde ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìpè á wá wọlé: "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó sílẹ̀. Irú èyí tí ẹ fún wa yẹn gan-an la fẹ́ o, kó má yàtọ̀." Níbi púpọ̀, ìdáhùn ni pé, "Aṣọ wà o, ọmọ mi, àmọ́ mi ò lè ṣèlérí pé àwọ̀ rẹ̀ máa bára mu." Oníbàárà á gba aṣọ tó ràn tàbí tó ṣú ju ti àkọ́kọ́ lọ, a máa rí i nínú fọ́tò, àbí kó má tilẹ̀ gbà á mọ́.

Kí ló ń fa ìyàtọ̀ yẹn? Aró tí wọ́n ń lò jù báyìí kì í ṣe ewé ẹ̀lú mọ́, ti kẹ́míkà ni, pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà àti haidirosọ́fáìtì. Haidirosọ́fáìtì ló ń jẹ́ kí aró yọ́ dé ibi tó fi lè wọ inú òwú. Tí wọ́n bá fa aṣọ jáde, tí afẹ́fẹ́ bá kàn án, àwọ̀ rẹ̀ gan-an á wá hàn, á sì dúró. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin máa ń pa haidirosọ́fáìtì. Ike tí wọ́n ṣí sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá kò lágbára bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, nítorí náà ìwọ̀n kan náà kò ní mú àwọ̀ kan náà jáde. Ọ̀pọ̀ aláró sì ń fi ife tàbí ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n, wọn kì í gbé e sórí òṣùwọ̀n, ife tó kún dẹ́nu lónìí lè má kún tó bẹ́ẹ̀ lọ́la. Aṣọ tó kọ́kọ́ wọ inú aró máa ń ṣú ju ti ìkẹyìn lọ, nítorí aró inú omi ń dín kù bí aṣọ ṣe ń mu ún. Lẹ́yìn gbogbo èyí, aṣọ funfun tí wọ́n rà ní oṣù yìí lè má ti ilé iṣẹ́ kan náà wá pẹ̀lú ti oṣù tó kọjá, ọ̀nà tí òwú rẹ̀ sì ń gbà mu aró á yàtọ̀.

Ẹ wá fi VRIO wò ó. Ká ní Ìyá ń jèrè ₦3,000 lórí aṣọ ẹbí kan. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pẹ́ yẹn jẹ́ ₦45,000 tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí òde kan. Tó bá ń gba iṣẹ́ òde kan lóṣù, ₦540,000 ni lọ́dún. Ìyẹn nìkan ti tó láti dáhùn V, láì tíì ka àwọn tó máa yàn án ní àkọ́kọ́ nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ó lè pe àwọ̀ padà.

Fún R, ẹ má fọkàn méfò. Ẹ gé aṣọ kékeré tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ lára àdìrẹ kan tí wọ́n rẹ ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn. Kí ẹnì kan tí ọjà kò mọ̀ gbé e yí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá ká, kó bèèrè ẹni tó lè rẹ yáàdì márùn-ún tó bá a mu. Tí wọ́n bá mú tiwọn dé, ẹ gbé méjèèjì síta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ má fi gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù wò ó, nítorí àwọ̀ méjì tó bára mu lábẹ́ gílóòbù lè yapa nínú oòrùn. Ìwọ̀nba ṣọ́ọ̀bù tó bá ṣe é ló máa sọ bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Tí ó bá tó bí mẹ́fà nínú mẹ́wàá, ẹ dá owó yín dúró. Tí kò bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ tẹ̀ síwájú.

I ni agbára rẹ̀ wà. Aládùúgbò lè ra òṣùwọ̀n àti ike tó ṣeé dé pa lọ́la. Ohun tí kò lè rà ni ojú aláró tó mọ ìgbà tí omi aró tó wọ aṣọ, tó mọ bí aṣọ ṣe máa rin kó tó wọ inú rẹ̀, tó mọ ìgbà tó yẹ kó fà á jáde. Ẹ bi í léèrè bó ṣe mọ̀, ó lè má rí i ṣàlàyé, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Ẹni tó ń wo aṣọ láti òde kò lè mọ èwo gan-an nínú gbogbo ìgbésẹ̀ yẹn ló mú kí ó bára mu, kò sì ní mọ èyí tóun máa dà kọ. Ìfọkàntán tó wà láàárín Ìyá àti aláró rẹ̀ láti ọdún púpọ̀ wá, tí aláró fi lè sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ má gba aṣọ yìí, kò jọ ti àkọ́kọ́," òun náà kò sí ní ọjà fún títà.

Ètò: ibi tí Ìyá ti kùnà ní báyìí

Lónìí, bí Ìyá bá ṣe ìdánwò yẹn, V, R àti I lè yege, kí O kùnà pátápátá. Kò sí ìwé kankan. Ohun tó mọ̀ nípa àwọ̀ wà lórí aláró kan ṣoṣo. Ta wá ni ó ni àǹfààní náà? Aláró ni, gẹ́gẹ́ bí onílé ṣe ni àyè ojú títì. Tí aláró bá kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, tàbí tó bá fi owó kún iṣẹ́ rẹ̀, àǹfààní Ìyá á bá a lọ.

Owó tó máa fi ṣètò kò tó ₦400,000. Ká ní òṣùwọ̀n oníbátìrì tó ń wọn gíráàmù àti àwọn ike tó ń dé pa gba ₦50,000, kí ₦300,000 sì lọ sórí aṣọ funfun tó ti inú ìdì kan náà wá, èyí tí Ìyá máa tọ́jú sílé òun. Fún iṣẹ́ òde kọ̀ọ̀kan, kó ya aṣọ funfun bí ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè sọ́tọ̀ láti inú ìdì yẹn, kó má tà á títí òde á fi kọjá. Kó ní ìwé kan tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, níbi tí wọ́n á ti kọ ìwọ̀n aró, kọ́sítíìkì àti haidirosọ́fáìtì, ọjọ́ tí wọ́n ṣí ike rẹ̀, iye aṣọ tó wọ inú omi kan, àti ìṣẹ́jú tí wọ́n fi sílẹ̀. Kó lẹ gígé aṣọ náà mọ́ ojú ewé yẹn, kó sì kọ nọ́ńbà kan náà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ oníbàárà nínú ìwé àwọn oníbàárà. Tí ìpè bá wọlé lẹ́yìn oṣù kan, nọ́ńbà ló máa wá. Kó fi owó díẹ̀ kún iye tó ń san fún aláró lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan tó bá bá gígé tí wọ́n lẹ̀ mu, kó sì jẹ́ kí aláró kejì máa ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà kí ọwọ́ tirẹ̀ náà lè mọ̀ ọ́n.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí. Ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ rọrùn fún yín láti tún ṣe, ó sì rọrùn fún olè láti gbé. Bí O ṣe ń lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ni I lè máa rọ̀. Ohun tí mo rò pé ó dára ni kí ìwé náà má kúrò nílé Ìyá, kí aláró sì máa gba ìwọ̀n iṣẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan lórí ìwé pélébé. Kódà tí ẹnì kan bá rí ìwé náà jí, kò ní aṣọ funfun inú ìdì yẹn, kò sì ní ọwọ́ aláró. Mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà papọ̀ kí àwọ̀ tó lè padà wá, wọn kò sì sí níbì kan náà.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ohun ìní | Ó ń mówó wọlé? | Ó ṣọ̀wọ́n? | Ó ṣòro láti dà kọ? | Ètò wà? | Irú àǹfààní |
|---|---|---|---|---|---|
| Àyè ojú títì | Bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni | Onílé ló ni ín | Láìsí ìwé ọdún pípẹ́, rárá | Ó ń yí sọ́wọ́ onílé |
| Ọnà fóòmù | Bẹ́ẹ̀ ni | Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni | Ìgbà díẹ̀ |
| Ìpolówó lórí fóònù | Bẹ́ẹ̀ ni | Rárá | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni | Bíbá ẹgbẹ́ pé |
| Pípe àwọ̀ padà | Bẹ́ẹ̀ ni | Ẹ dán an wò | Bẹ́ẹ̀ ni | Kò tíì sí | Kò tíì so, ó lè pẹ́ |

Ibi tí owó máa lọ

Tí a bá wo ọdún àkọ́kọ́ nìkan, àyè ojú títì ló borí: ₦600,000 ló máa kù lẹ́yìn owó ṣọ́ọ̀bù. Àwọ̀ máa mú ₦540,000 wá, tí a bá yọ ₦350,000 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àti ₦60,000 tí wọ́n fi kún owó aláró, ₦130,000 ló kù. Mi ò fẹ́ fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní owó ilé ìwé láti san ní oṣù mẹ́fà, tí kò sí ibòmíì tí owó ti lè wá, lè gba àyè náà láìjẹ̀bi, tó bá ti mọ̀ pé ọdún kan ló rà.

Ní ọdún kejì, tí owó ṣọ́ọ̀bù bá gòkè bí a ṣe wí, àyè máa mú ₦300,000 wá. Àwọ̀ kò ní nílò òṣùwọ̀n mìíràn, aṣọ funfun tí Ìyá kó pamọ́ á sì ti di owó padà nígbà tí wọ́n bá rẹ ẹ́ tí wọ́n sì tà á, yóò fi owó náà ra ìdì tuntun. Ká tún yọ ₦60,000 tí wọ́n fi kún owó aláró, ₦480,000 ló kù. Láti ọdún kejì lọ, àwọ̀ ti kọjá àyè, ìyàtọ̀ àárín wọn á sì máa fẹ̀ sí i bí onílé ṣe ń fi kún owó rẹ̀. Èyí ni mo fi ní kí owó Ìyá lọ sórí àwọ̀, kí ₦50,000 tó kù sì máa bá ìpolówó lórí fóònù lọ.

Ìmọ̀ràn yìí kò bá gbogbo ṣọ́ọ̀bù mu. Ẹni tí kì í gba iṣẹ́ òde, tó jẹ́ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń tà fún àwọn tó ń kọjá lọ, kò ní oníbàárà tó máa padà wá bèèrè àwọ̀ kan náà. V máa kùnà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó ra òṣùwọ̀n. Bákan náà ni ẹni tí aláró rẹ̀ máa ń yí padà ní oṣù méjì méjì, nítorí ọwọ́ tí a ń sọ nípa rẹ̀ kò tíì sí. Kí irú wọn kọ́kọ́ wá ẹni tí wọ́n lè jọ pẹ́.

Ìdáhùn VRIO kì í sì í dúró sójú kan. Ẹ máa tún ìdánwò ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá yẹn ṣe lọ́dọọdún, kí àkókò òde tó gbóná. Tí ẹ bá rí i pé ẹyọ kan tó ṣe é ní èṣí ti di mẹ́rin, ẹ wá bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n: bóyá aláró yín kan ló ń bá wọn ṣiṣẹ́, bóyá wọ́n ti rí ẹni tó ń ta aṣọ funfun ìdì kan náà. Ohun tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀ ló máa sọ bóyá owó aláró lẹ máa fi kún, tàbí bóyá ó ti tó àkókò kẹ́ ẹ gbé owó kúrò lórí àwọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ ẹlẹ́kọ yà lọ́wọ́.